Ọ́ìlì Páwà-Sítíárì Kì Í Dédé Tán

ÌBÉÈRÈ

Oníṣòwò aṣọ ni mí ní Ìbàdàn, Tòyótà Kámúrì ọdún 2004, oní 2.4 tí wọ́n ń pè ní Bíìgì Dádì, ni mo ń gùn. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí sítíárì rẹ̀ ti ń le tí mo bá ń fi rìfáásì jáde nínú ọgbà láàárọ̀, tí nǹkan kan á sì máa ké hììì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá tẹ tọ́rótù, igbe náà á lọ sókè sí i. Mẹkáníìkì mi bu ọ́ìlì kún un, ó dákẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní pọ́ǹpù ti kú, a ra tòkunbọ̀, a pààrọ̀ rẹ̀. Sítíárì rọ̀ wọ̀ọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfi bó ṣe tún padà, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, igbe mìíràn tún máa ń wọlé sí i: á han gooro nígbà tí mo bá ṣẹ́ sítíárì dópin, á sì dákẹ́. Mi ò rí ọ́ìlì kankan nílẹ̀ níbi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí. Mẹkáníìkì ti wá sọ pé ráàkì ni ká pààrọ̀ báyìí, owó ráàkì kì í sì í ṣe owó kékeré. Ṣé kí n rà á? Mo tún fẹ́ lọ ra ọjà l'Ékòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ọkọ̀ yìí lè gbé mi lọ kó gbé mi bọ̀?

Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ má tíì ra ráàkì. Ọ̀rọ̀ tó wúlò jù nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ sọ kọjá wéré: wọ́n bu ọ́ìlì kún un, ó dákẹ́. Pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ ti jẹ kì í ṣíwọ́ igbe torí pé wọ́n bu ọ́ìlì fún un. Èyí tó bá dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì kún, tó tún ké nígbà tí ọ́ìlì lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé mì. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ké hììì, òun náà ló sì ń mú kí sítíárì le, nítorí afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Agbára tó yẹ kí pọ́ǹpù fi ti sítíárì, ara afẹ́fẹ́ ló ń parí sí.

Ẹ wá wo ti pọ́ǹpù tòkunbọ̀ tí ẹ rà. Ẹ ní ó rọ̀ wọ̀ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n dè é, ọ́ìlì tuntun ni wọ́n dà sí i dé ojú àmì. Ọ́ìlì yẹn ló fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó ṣe fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì lákọ̀ọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù tí ẹ yọ dànù má ní àìsàn kankan. Tí mẹkáníìkì ṣì ní in lọ́wọ́, ẹ gbà á padà.

Ìbéèrè tó kù ni pé níbo ni ọ́ìlì náà ń gbà lọ? Ọkọ̀ kì í jẹ ọ́ìlì páwà-sítíárì bó ṣe ń jẹ pẹtiróòlù. Ọ́ìlì náà kò ju bíi lítà kan lọ, ṣe ló sì ń yípo. Láti inú ike tó wà lókè, ó ń gba họ́ọ̀sì rọ́bà kan sọ̀kalẹ̀ sínú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù á fi agbára tì í gba họ́ọ̀sì kejì lọ sínú ráàkì, èyí tó ń bá yín yí ẹsẹ̀ iwájú. Láti ráàkì, á gba họ́ọ̀sì kẹta padà sínú ike. Bí ohun gbogbo bá dì dáadáa, ẹ lè lo ọdún kan gbáko kí ojú ọ́ìlì má yẹ̀. Tí tiyín bá ń fẹ́ àbùkún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ibì kan ti ṣí.

Họ́ọ̀sì mẹ́ta yìí kì í ṣe ọgbọọgba. Èyí tó ń ti pọ́ǹpù lọ sí ráàkì ló ń ru ẹrù jù. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ sítíárì dópin, agbára inú rẹ̀ máa ń kọjá 1,000 psi. Ẹ rántí pé 32 psi tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni fọkanáísà ń fẹ́ sí táyà yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹ̀rọ tẹ irin mọ́ orí rẹ̀, tí wọn kò fi kílíìpù dè é. Tí òun bá lu, kì í fi ara pamọ́ pẹ́. Á máa tú ọ́ìlì jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yí sítíárì, ara ẹ́ńjìnnì á tutù fún ọ́ìlì. Họ́ọ̀sì tó ń padà sí ike kò ní agbára púpọ̀ nínú, kíkán ló máa ń kán ní ojú kílíìpù.

Èyí tí mo fura sí jù nínú ọkọ̀ yín ni ti àkọ́kọ́, èyí tó ń ti ike lọ sí pọ́ǹpù. Ṣe ni pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì gba inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń fi sítíró tó ti sán fa ohun mímu, afẹ́fẹ́ ló máa ń bá ọ́ìlì wọlé níbi tó ti lanu, ọ́ìlì kò ní jáde níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀ ni ọ́ìlì tó wá rọra sun jáde, díẹ̀díẹ̀, láti alẹ́ mọ́jú. Ìyẹn bá ohun tí ẹ sọ mu pé àárọ̀ ló máa ń le jù. Rọ́bà tó ti wà nínú ooru ẹ́ńjìnnì láti ọdún 2004 á ti gan bí igi, kílíìpù sípíríǹgì tó sì dè é á ti rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tí kò bá fún pọ̀ lábẹ́ ìka, ó ti kọjá àkókò rẹ̀.

Ibì kan tún wà lójú ọ̀nà kan náà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé. Irin kékeré tí họ́ọ̀sì yìí wọ̀ lára pọ́ǹpù, bóòtì ló dè é mọ́ ọn, rọ́bà róbótó tíńrín kan ló sì wà láàárín wọn tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rọ́bà yẹn, á pẹlẹbẹ, á sì gan. Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀, tó dè é bó ṣe bá a, ti ra rọ́bà àtijọ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn nìyẹn. Ó lè jẹ́ òun ló fà á tí igbe tó padà fi burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ ní ẹ kò rí ọ́ìlì nílẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò jò. Kámúrì ní ike pẹrẹsẹ tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọn kò bá tíì ya á dànù. Ọ́ìlì lè kó sórí ibẹ̀ tàbí kó mu erùpẹ̀ di ẹrẹ̀ dúdú kó tó kán sílẹ̀. Ó tún lè kán sórí páìpù èéfín gbígbóná kó jóná níbẹ̀. Ẹ ó máa gbóòórùn ọ́ìlì jíjó nígbà tí ẹ bá dúró sínú gosiló. Èyí kì í ṣe ohun àmójúkúrò, ọ́ìlì yìí lè gbiná tí irin náà bá gbóná tó.

Bí ẹ ṣe máa wá a rí nìyí. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ike abẹ́ ọkọ̀ kúrò, kó fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí pọ́ǹpù wà, pẹ̀lú ojú gbogbo họ́ọ̀sì, kó sì jẹ́ kó gbẹ. Kó má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Kí wọ́n bu ọ́ìlì dé ojú àmì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó sitáàtì rẹ̀, kó máa yí sítíárì láti òpin dé òpin, kí mẹkáníìkì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ àti aṣọ rẹ̀ jìnnà sí bẹ́líìtì. Kí ẹni tó jókòó má di sítíárì mú ní òpin ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń gbóná jù, tó ń jẹ pọ́ǹpù níyà. Tí ohunkóhun bá ń tú jáde, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, ẹ má sì dá ike abẹ́ yẹn padà. Àmì pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ bá bá lórí páálí láàárọ̀ ni kí ẹ fi ojú tọ̀ lọ sókè. Ibi tó ga jù lọ tí ó tutù fún ọ́ìlì ni orísun rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó kàn ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Kí ẹ tó pa ike ọ́ìlì dé, ẹ wo ojú ọ́ìlì nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń hó fuyẹ́fuyẹ́, tó dà bí ẹni pé wọ́n da mílíìkì sí i, afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Tó bá mọ́ tó sì pupa, ó dára. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti pẹ́, ìdọ̀tí irin pọ́ǹpù sì lè wà nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ họ́ọ̀sì tó ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ti ike sí pọ́ǹpù àti ti ìpadàbọ̀ kò le: họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì kò lè jẹ, tí ihò rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, pẹ̀lú kílíìpù oní-síkúrù tuntun, ti tó. Èyí tó ń ru agbára ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé e, tí wọ́n fi họ́ọ̀sì pẹtiróòlù àti kílíìpù méjì so ó pọ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń já, ìgbà tí ẹ bá sì ń ṣẹ́ sítíárì gan-an ló máa ń já. Tí ẹ kò bá rí èyí tó dára ní ọjà Arárọ̀mí ní Géètì, ẹ gbé ti àtijọ́ lọ bá àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì katapílà. Wọ́n á fi họ́ọ̀sì tó ní wáyà irin nínú dípò apá rọ́bà rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ orí irin àtijọ́ mọ́ ọn. Kí wọ́n má ṣe dá wáṣà àtijọ́ tó wà lójú bóòtì rẹ̀ padà; tuntun ni kí wọ́n fi sí i.

Igbe òjò tí ẹ sọ, ọ̀tọ̀ ni ti òun. Ti pọ́ǹpù máa ń fà gùn, ó sì ń bá ẹ́ńjìnnì gòkè. Èyí tó ń han gooro fún ìgbà díẹ̀, tí ó ń wá nígbà tí omi bá kan ọkọ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ sítíárì dópin, bẹ́líìtì ló ń yọ̀ lórí púlì. Nínú ẹ́ńjìnnì 2.4 yín, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí pọ́ǹpù páwà-sítíárì, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ ẹ́síì àti pọ́ǹpù omi. Ẹ kíyè sí i bóyá iná bátìrì máa ń tàn fìrí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó bá ń han. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ìgò oníwọ̀ọ́ wọ́n omi díẹ̀ sí ojú ibi tó ní ìlà lára bẹ́líìtì nígbà tó ń ké. Tí igbe náà bá yí padà lójú ẹsẹ̀, bẹ́líìtì ni. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù.

Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn kan náà ló bí méjèèjì. Ọ́ìlì tó ń jò lókè lè máa kán sórí bẹ́líìtì. Rọ́bà tó bá mu ọ́ìlì á wú, á máa yọ̀, kò sí fífọ̀ tó lè dá a padà bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹ dí ojú ibi tó ń jò ná kí ẹ tó ra bẹ́líìtì. Ẹ má fi tuntun sábẹ́ ọ́ìlì. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn fẹ́ fún bẹ́líìtì náà le sí i, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, nítorí sípíríǹgì ló ń fún un fúnra rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yín, kò ní bóòtì tí a fi ń fún un. Tí sípíríǹgì yẹn bá ti rẹ̀, pípààrọ̀ ni. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi ọṣẹ tàbí páúdà ra bẹ́líìtì. Igbe lásán ni ìyẹn ń pa lẹ́nu mọ́.

Wàyí o, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì tí Tòyótà fẹ́ fún ọkọ̀ yìí ni ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì, ATF, Dẹ́ksírọ́ọ̀nù 2 tàbí 3. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, pẹ̀lú sùúrù, irú èyí tó ti ń bù sí i. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì ló bù, ẹ má sitáàtì ọkọ̀ náà mọ́ títí wọ́n á fi fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń mú kí àwọn rọ́bà inú pọ́ǹpù àti ráàkì wú kí wọ́n sì rọ̀, ráàkì tí kò ní àìsàn tẹ́lẹ̀ á wá ní in.

Lẹ́yìn tí họ́ọ̀sì tuntun bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jáde, ibí sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kánjú. Wọ́n á da ọ́ìlì, wọ́n á sitáàtì, wọ́n á gba owó. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fi ìdúró irin tì í, kí wọ́n bu ọ́ìlì, kí wọ́n sì yí sítíárì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òpin dé òpin lọ́pọ̀ ìgbà láìsitáàtì. Ẹ ó rí i tí ojú ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀ tí ìfófòó sì ń jáde. Kí wọ́n máa bù kún un, kí ike má ṣe gbẹ. Ìgbà tí kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ ni kí wọ́n tó sitáàtì, láìtẹ tọ́rótù, kí wọ́n tún yí i bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró ní òpin kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta péré. Tí ọ́ìlì bá hó, kí wọ́n pa á, kí wọ́n jẹ́ kó rọlẹ̀, kí wọ́n tún ṣe é.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè gbà mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ti tán. Ẹ wo ibi tí ojú ọ́ìlì wà nínú ike nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ní kí wọ́n pa á. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa ń gbòòrò nígbà tí agbára bá kúrò lórí rẹ̀, á sì ti ọ́ìlì sókè. Kò gbọ́dọ̀ gòkè ju mílímítà 5 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ìgbà wo ló wá jẹ́ pọ́ǹpù? Nígbà tí ọ́ìlì bá mọ́ tó sì pé, tí kò hó, tí bẹ́líìtì kò yọ̀, tí ohunkóhun kò jò, síbẹ̀ tí sítíárì ń le nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀, tó sì ń fúyẹ́ tí ẹ bá tẹ tọ́rótù. Ọ́ìlì tó tutù lẹ́yìn púlì pọ́ǹpù náà ń sọ pé rọ́bà ọ̀pá rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára pọ́ǹpù lè dá ẹjọ́ náà láàárín pọ́ǹpù àti ráàkì, àmọ́ wọn kò pọ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì wa. Sítíárì tó bá le láìsí igbe kankan, tí ọ́ìlì rẹ̀ pé, ẹ kọ́kọ́ wo táyà iwájú bóyá afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àti oríkèé ẹsẹ̀ iwájú bóyá gírísì ti tán nínú rẹ̀.

Ní ti Èkó, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé sítíárì á já. Kódà tí ọ́ìlì bá tán pátápátá, irin ló so ọwọ́ yín mọ́ táyà, ẹ ó lè yí i, á kàn le gidigidi nígbà tí ẹ bá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé pọ́ǹpù tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì lè há, tó bá sì há, á já bẹ́líìtì kan ṣoṣo yẹn, omi ẹ́ńjìnnì kò sì ní yípo mọ́. Ẹ́ńjìnnì lè gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà márosẹ̀ kí ẹ tó ráyè dúró.

Ó wá ku ráàkì. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, rọ́bà kan wà tó ṣẹ́ wọnú ara rẹ̀ bíi ti àkọ́díọ̀nù. Tí rọ́bà inú ráàkì bá ti lọ, inú ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń kó sí, ó sì lè pẹ́ kó tó kán sílẹ̀. Kí mẹkáníìkì tú kílíìpù kékeré tó wà létí rẹ̀ lójú yín, kó fún un pọ̀. Tí ọ́ìlì bá dà jáde, òótọ́ ló sọ, ẹ lọ wá owó ráàkì. Tí méjèèjì bá gbẹ, tí ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ráàkì náà sì gbẹ, ẹ fi owó yín ra aṣọ.